Bí ẹ ṣe lè ṣírò ọjọ́ ìjáde yín látinú kọ́ńtíráàtì jíìmù ní Ìlú Ọba

Ọjọ́ 3 oṣù Jánúárì 2025 ni àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé Mánsẹ́sítà níbí kọ ímeèlì sí jíìmù ẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́. Lójú tiẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì 2024 lòun wọlé, ọdún kan máa pé lọ́jọ́ kejìlá sí ìgbà yẹn, kí ló tún kù. Ó bọ́ sínú áàpù báńkì ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ó pa dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì rẹ́, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ jíìmù. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé ní Fẹ́búárì pé ó jẹ wọ́n ní £64.99. Inú bí i gan-an, ó gbé lẹ́tà yẹn wá sílé wa, ó ní olè ni gbogbo wọn.

A jọ jókòó ka àdéhùn yẹn láti òkè délẹ̀, ó tó wákàtí méjì. Nígbà tá a fi máa ṣe tán, mo ní láti sọ fún un pé nínú £64.99 yẹn, £39.99 jẹ́ gbèsè ẹ̀ lóòótọ́. £25 tó kù la lè bá wọn fà. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé ká ní ímeèlì yẹn lọ ní ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà tó lọ ni, kò ní jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣí àdéhùn, a máa wá ibi tí wọ́n kọ `Cancellation` sí, a máa ka ìlà mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀, a ó pa á dé. Ibẹ̀ ò sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lè jáde fún yín o. Ó kàn sọ pé ẹ lè jáde ni. Ọjọ́ yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín ṣírò ẹ̀, látinú nǹkan mẹ́ta tí wọ́n kọ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbà tí àkókò dandan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, bí nótíìsì ṣe gùn tó àti bí wọ́n ṣe ń kà á, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí kọ́ńtíráàtì yẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ yẹn á jáde bí èsì ìṣirò.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìwé tó tọ́ lẹ̀ ń kà

Ẹ má lọ sórí wẹ́ẹ̀bù sáìtì wọn lọ ka èyí tó wà níbẹ̀ lónìí. Wọ́n lè ti yí i padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọlé. Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé ló kọ́kọ́ dè yín. Ẹ wọnú ímeèlì yín, ẹ wá ọjọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n so mọ́ ímeèlì tí wọ́n fi kí yín káàbọ̀. Tí kò bá sí ohun tó so mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀dà àdéhùn tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ báyìí ránṣẹ́ sí yín. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé tàbí òkè pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ `Last updated` tàbí nọ́ńbà ẹ̀dà sí, kẹ́ ẹ fi wé ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé.

Ìwé méjì ló sábà máa ń wà. Èyí kékeré, ojú ìwé kan tàbí méjì, lórúkọ yín wà lórí ẹ̀, iye owó, ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, iye oṣù. Èyí gígùn ni `Terms and Conditions` tó wà fún gbogbo èèyàn. Ẹ ka méjèèjì pọ̀, torí iye oṣù lè wà nínú èyí kékeré, kí bí wọ́n ṣe ń ka oṣù ọ̀hún wá wà nínú èyí gígùn. Bó ṣe rí fún àbúrò ìyàwó mi gan-an nìyẹn, `12 months` ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ó rí i, ó sì rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí fóònù bá yín wá ọ̀rọ̀

Ojú ìwé 14 ni ti jíìmù tiwa yẹn, lẹ́tà wínníwínní. Kò yẹ kẹ́ ẹ fi ojú lásán wá nǹkan nínú ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `Ctrl+F`. Lórí fóònù tó ń lo Kúróòmù, ẹ tẹ ààmì ìdánudúró mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan `Find in page`. Lórí fóònù Ápù, ẹ tẹ ààmì ìpín tó wà ní Sàfárì, ẹ yan `Find on Page`. Ẹ wá tẹ àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
cancel
terminat
notice
minimum
renew
rolling
freeze
```

Ìdí tí mo fi gé `terminat` síbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ìrísí kan ṣoṣo lẹ máa rí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gé e, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa jáde. Àwọn agbẹjọ́rò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju `cancel` lọ. Mo ti rí àdéhùn tí `cancel` ò sí nínú ẹ̀ rárá, tí èèyàn á wá rò pé kò sí ọ̀nà àtijáde.

Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ tí kò sì mú nǹkan kan wá, ẹ kọ́kọ́ dán `the` wò. Kò sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí `the` ò sí nínú ẹ̀. Tó bá ní òdo ló rí, á jẹ́ pé fọ́tò ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, fóònù ò lè ka inú ẹ̀, ẹ máa ní láti fojú kà á tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe ń rí àwọn ibẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sórí bébà. Ẹ má tíì ṣèdájọ́ o, ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà. Ẹ ó rí i pé `notice` nìkan lè jáde nígbà mẹ́wàá, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ nótíìsì táwọn fúnra wọn máa fún yín, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa fún wọn. Ẹ ya àwọn yẹn sọ́tọ̀.

Ìgbà wo ni ọdún kan ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ gan-an?

Ibi tó ṣèèyàn lọ́ṣẹ́ jù nìyí. Ẹ lọ sí apá tí wọ́n pè ní `Definitions`, ó sábà máa ń wà níwájú pátápátá tàbí lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn, irú bíi `Minimum Term` tàbí `Start Date`, ti ní ìtumọ̀ tiẹ̀ níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un níbẹ̀ lẹ máa fi kà á, ẹ má fi tinú ara yín kà á.

Nínú àdéhùn tiwa, wọ́n ní àkókò dandan jẹ́ oṣù 12, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gba owó oṣù àkọ́kọ́ tó pé. Ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì ló wọlé, lọ́jọ́ yẹn wọ́n gba owó ọjọ́ tó ṣẹ́kù nínú Jánúárì nìkan, kò pé oṣù. Owó oṣù tó pé àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Fẹ́búárì 2024. Torí náà ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì 2025 ni àkókò dandan parí, kì í ṣe ọjọ́ 14. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ti wọlé láìsọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo bóyá ẹ ti dá a dúró rí nígbà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní `freeze`. Ẹlòmíì á rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà fún oṣù méjì, á ní kí jíìmù dá owó dúró, wọ́n á sì dá a dúró tayọ̀tayọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, oṣù méjì yẹn ò sí nínú oṣù 12, wọ́n á kàn tì í sẹ́yìn ni. Ká ní òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì 2025 ni àkókò dandan ẹ̀ ì bá parí. Àwọn kan sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn ò lè fún wọn ní nótíìsì nígbà tó bá ṣì wà nínú ìdádúró.

Nótíìsì: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àti oṣù kan

Ẹ̀ bá jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí o, torí ibí ni £39.99 yẹn ti wá.

Gbólóhùn mẹ́ta tẹ́ ẹ lè bá pàdé nìyí, ó sì jọra lójú ẹni tó ń kánjú:

```
30 days' notice
one month's notice
one full calendar month's notice
```

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ 3 oṣù Jánúárì tó kọ ímeèlì yẹn dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́ síwájú, ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì ló parí. Tó bá jẹ́ ìkejì, ọjọ́ 3 oṣù Fẹ́búárì. Àmọ́ ìkẹta yàtọ̀ pátápátá. Odindi oṣù kan bó ṣe wà lórí kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń wí, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Jánúárì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ímeèlì yẹn wọlé, kì í ṣe odindi mọ́, kò sí nínú ìṣirò. Fẹ́búárì ni odindi oṣù tó kàn, nítorí náà ọjọ́ 28 oṣù Fẹ́búárì 2025 ni kọ́ńtíráàtì parí. Ìkẹta yẹn ló wà nínú tiwa.

Ká ní ímeèlì yẹn ti wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà tàbí ṣáájú ẹ̀ ni, Jánúárì á jẹ́ odindi oṣù nótíìsì, ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì ni gbogbo ẹ̀ máa parí, ó máa bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí àkókò dandan ẹ̀ parí. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo sọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún fi ọjọ́ tí wọ́n ń yọ owó sí i, torí pé kódà tí nótíìsì yín bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ lásán tó sì parí ní ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì, owó oṣù Fẹ́búárì á ti wọlé ní ọjọ́ 1, wọ́n sì lè ti kọ ọ́ pé àwọn kì í dá owó oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ wá `refund` nínú ìwé yẹn kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n sọ.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré ló máa ń gbé e. Ṣé ẹ lè fún wọn ní nótíìsì nígbà tí àkókò dandan ṣì ń lọ, kí méjèèjì jọ parí pọ̀, àbí ó di ìgbà tí àkókò dandan bá parí kẹ́ ẹ tó lè fún wọn? Ẹ wá bóyá wọ́n kọ `to expire at the end of` tàbí `after the end of`. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, oṣù 12 yín jẹ́ oṣù 12. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, oṣù nótíìsì máa gun orí ẹ̀, á di oṣù 13, tíyẹn bá sì jẹ́ odindi oṣù kàlẹ́ńdà tẹ́ ẹ sì pẹ́ díẹ̀, oṣù 14. Tẹ́ ẹ bá ka gbólóhùn yẹn tí ọ̀nà méjì ló ṣeé gbà kà á, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀: òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà Ìlú Ọba ti ọdún 2015, `Consumer Rights Act 2015`, sọ pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó dára jù fún oníbàárà ni kí wọ́n lò. Ẹ lè kọ ìyẹn sínú lẹ́tà yín gbangba.

Lẹ́yìn náà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gba nótíìsì ọ̀hún? Àwọn kan ń fẹ́ ímeèlì sí àdírẹ́sì kan pàtó, àwọn kan ní inú áàpù nìkan, àwọn kan ṣì ń bèèrè lẹ́tà. Ẹni tó bá lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó sì sọ fún un pé òun ń lọ ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nótíìsì tí àdéhùn bá ti ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, bó ti wù kí ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín sí i tó. Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n kà pé nótíìsì dé ọwọ́ wọn: wọ́n lè kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi lẹ́tà sí pọ́ọ̀sì ni wọ́n máa kà á sí. Ní òpin Dìsẹ́ńbà tí Kérésì àti Ọdún Tuntun pọ̀ síbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ méjì lè di ọjọ́ mẹ́fà. Èmi ò ní dúró de ọjọ́ 31, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni màá ti fi ránṣẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Èyí ni òfin ìsọdọ̀tun. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Àwọn kan máa ń parí fúnra wọn tí oṣù bá pé, ìyẹn ò ní wàhálà, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kó di oṣù-dé-oṣù, èyí tí wọ́n ń kọ `rolling monthly`: ẹ ò ní dandan mọ́ àfi nótíìsì, ṣùgbọ́n iye owó lè yí. Ti àbúrò ìyàwó mi, £34.99 ló ń san nínú oṣù 12, ó sì wà nínú ìwé kékeré yẹn pé láti oṣù kẹtàlá, £39.99 ni. Ìdí tí Fẹ́búárì fi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìkẹta ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n á kọ ọ́ pé tí wọn ò bá gbọ́ látẹnu yín ṣáájú ọjọ́ báyìí, kọ́ńtíráàtì tún bẹ̀rẹ̀ fún oṣù 12 míì. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ wo bí ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn ṣe jìnnà sí òpin tó. Òfin ọdún 2015 yẹn ní àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ ìrẹ́jẹ, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ni kọ́ńtíráàtì tó ń tún ara ẹ̀ ṣe tí wọ́n wá fi ọjọ́ tí oníbàárà lè kọ̀ sí ìgbà tó yá jù. Òfin ò sọ iye ọjọ́ kan pàtó, torí náà kò lè dá gbogbo ẹjọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lóṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ lè gbé lé tábìlì.

Àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́

Kẹ́ ẹ tó gbà pé dandan ni dandan, ẹ wò ó bóyá ọ̀nà míì wà. Tó bá jẹ́ orí intánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù lẹ ti forúkọ sílẹ̀, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ àdéhùn. Ẹ ò ní láti sọ ìdí. Tẹ́ ẹ bá ti ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ọjọ́ 14 yẹn, wọ́n lè yọ owó ọjọ́ tẹ́ ẹ lò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá sì sọ fún yín rárá pé ẹ ní ẹ̀tọ́ yìí, ọjọ́ 14 yẹn lè gùn sí i títí dé oṣù 12 lé e. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú jíìmù lẹ dúró sí tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i, òfin ò fún yín ní ọjọ́ 14 yẹn, àfi tí àwọn fúnra wọn bá fi sínú àdéhùn. Ẹ wá `cooling` tàbí `14 days`.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àìsàn, iṣẹ́ tó bọ́, àti kíkó kúrò ládùúgbò. Láti 2013 tí àjọ ìjọba ti bá àwọn jíìmù kan fà á, ọ̀pọ̀ ló ti ń fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá: lẹ́tà dókítà, lẹ́tà ilé-iṣẹ́, ìwé ilé tuntun tó fi bó ṣe jìnnà hàn. Ẹ ka bí ìjìnnà yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tó, torí wọ́n máa ń kọ iye máìlì.

Tó bá sì jẹ́ kọ́ńtíráàtì ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ wà nínú ẹ̀, ẹ rántí pé ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ lórí àwọn àdéhùn jíìmù kan, adájọ́ sì rí i pé dídè tí wọ́n de oníbàárà mọ́ ohun tó ju oṣù 12 lọ láìsí ọ̀nà àbáyọ gidi jẹ́ ìrẹ́jẹ. Kì í ṣe gbogbo kọ́ńtíráàtì gígùn ló fọ́ lọ́jọ́ yẹn o, bí wọ́n ṣe kọ èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló máa sọ.

Ẹ wá fà á sórí bébà

Ẹ fa ìlà kan, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rin sórí ẹ̀. Fún tiwa, báyìí ló rí: ọjọ́ 1 oṣù Fẹ́búárì 2024, àkókò dandan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà 2024, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí nótíìsì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì 2025, owó tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì 2025, òpin. Ẹ fi ọjọ́ kejì yẹn sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín, kó máa rán yín létí ní oṣù kan ṣáájú ẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé gan-an lẹ ti yẹ kẹ́ ẹ ṣe é.

Nínú nótíìsì yẹn, ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ yín, pé ẹ̀ ń fún wọn ní nótíìsì lábẹ́ ẹsẹ báyìí (nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan), ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣírò pé ó parí, àti ọjọ́ àti iye owó tó gbẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n kọ ọ́ padà sí yín láàárín ọjọ́ méje tí ìṣirò tiwọn bá yàtọ̀. Tó bá jẹ́ inú áàpù lẹ ti ṣe é, ẹ ya sikirinṣọ́ọ̀tì ojú ewé tó gbẹ̀yìn tí ọjọ́ àti aago wà lórí ẹ̀.

Dáírẹ́ẹ̀tì débíìtì ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ pa á rẹ́ nígbàkígbà tó bá wù yín, báńkì ò ní bi yín ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ń gbà lọ nìkan lẹ pa rẹ́ yẹn, kọ́ńtíráàtì ṣì dúró síbi tó wà. Ohun tó mú £25 wá fún àbúrò ìyàwó mi nìyẹn: wọ́n lọ gba owó Fẹ́búárì, báńkì dá wọn padà, wọ́n bu owó ìyà lé e. Ẹ jẹ́ kí owó tó gbẹ̀yìn lọ, kí ìwé pé kọ́ńtíráàtì ti parí dé ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́.

Èmi àti ẹ̀ kọ lẹ́tà padà. A gbà pé ó jẹ £39.99, a san án lọ́jọ́ yẹn. A sì bèèrè pé ẹsẹ wo ló fún wọn láṣẹ £25, torí a wá `fee` àti `charge` nínú ojú ìwé 14 yẹn, ohun tá a rí ò ju pé àwọn lè gba owó tó mọ níwọ̀n, wọn ò kọ iye kankan. A ní kí wọ́n fi hàn wá ohun tí owó tí báńkì dá padà ná wọn tó fi tó £25. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni máníjà kọ̀wé pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Ká ní wọ́n kọ̀ ni, à bá pe `Citizens Advice` lórí 0808 223 1133, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá wà ní Íńgíláńdì, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tẹ́ ẹ lè bá lọ síwájú.

Ẹ ṣì wo sitétímẹ́ǹtì báńkì yín ní oṣù tó tẹ̀lé òpin kọ́ńtíráàtì. Tí wọ́n bá tún yọ owó lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ má lọ bá jíìmù jà, báńkì yín ni kẹ́ ẹ pè, ẹ sọ pé ẹ̀ ń bèèrè owó padà lábẹ́ `Direct Debit Guarantee`, ẹ fi ìwé òpin kọ́ńtíráàtì hàn wọ́n. Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni wọ́n fi yọ ọ́, báńkì gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀ padà fún yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó lọ bá jíìmù yanjú tiwọn.